Ogójì Àpò Tí Ìyá Alásè Kò Yí Inú Wọn Sóde

Oṣù mẹ́sàn-án péré ni Ìyá Alásè fi ń gbowó oṣù láàárín ọdún. Òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, igba ọmọ ó lé díẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bó bá gbóòórùn ìkòkò láti ẹnu ọ̀nà, ó ti mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Àmọ́ bí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi gígùn, wọ́n á ti ilé ìdáná pa, ọ̀gá ilé-ìwé á kí i pé ó kú iṣẹ́, ó di ìwọlé. Ikùn ní tiẹ̀ kì í lọ sí ìsinmi.

Ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú ni oṣù mẹ́ta yẹn kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ rí màbo. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù nílé oníyàrá méjì, ìyá àgbà náà sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń jáde lọ ṣiṣẹ́. Ìyá Alásè gbìyànjú oríṣiríṣi. Nígbà tí ìwọlé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ra ìwé àti péńsù wálé láti tà, kó tó mọ̀ pé ilé méje ló ti tẹ́ tábìlì ìwé síta ní òpópónà kan ṣoṣo, tí kálukú ń wo ọmọ ẹnìkejì bí ẹni pé kó wá rà lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ọdún dé, ó ṣe kéèkì. Gbogbo àdúgbò ṣe kéèkì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ fi jẹ kéèkì ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, tí ìyá àgbà fi ní, “Ìyàwó mi, bí mo bá kú báyìí, wọn ò ní sin mí, wọ́n á gé mi pín ni.”

Ibẹ̀ ló ti kọ́gbọ́n. Ohun tí gbogbo ayé bá jọ gbé jáde lọ́jọ́ kan náà, kò sí èrè gidi nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń tajà náà yóò fi ṣiṣẹ́ ni kéèyàn wá, kó sì tètè wá a.

Ìkórè àgbàdo máa ń bọ́ sí oṣù tó kẹ́yìn nínú ìsinmi náà. Ọkọ̀ ńlá àwọn alágbàtà á dé láti ìlú, wọn kì í sì í dúró ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni gbogbo àgbẹ̀ máa ń sáré kiri bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, wọ́n ń wá àpò. Àgbàdo ti gbẹ, wọ́n ti yìn ín, ó wà nílẹ̀ gegele, kò sí ohun tí wọ́n máa dà á sí. Iye tí ẹni tó ni àpò bá pè é, wọ́n á san án. Ìyá Alásè sì rántí pé láàárín ọdún, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò nílò àpò, ẹ̀yìn ààrò ni alábúrẹ́dì máa ń dáná sun àpò ìyẹ̀fun sí, nítorí wọ́n ti di ìdọ̀tí sí i lọ́rùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù méje ni ó fi ń ra àpò òfìfo díẹ̀díẹ̀: lọ́wọ́ alábúrẹ́dì, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ, àti ní ilé ìdáná ilé-ìwé fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀gá ilé-ìwé ti fọwọ́ sí i pé kó máa san owó àpò ìrẹsì tó bá ṣófo sínú àpótí ilé-ìwé. Owó kékeré ló ń rà wọ́n, torí ẹni tó ń tà á ò kà á sí ọjà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àdììtú nínú, àmọ́ ó gba sùúrù. Yóò kọ́kọ́ yí inú àpò sóde, kó gbọ̀n ọ́n, kó fi igi lù ú títí tí ìyẹ̀fun tàbí eruku tó há sí ojú ibi tí wọ́n rán yóò fi tán. Yóò sá a sí oòrùn fún odindi ọjọ́ kan, kí kòkòrò tó sá pamọ́ sí i lè kú. Lẹ́yìn náà ló máa wá ihò tí eku jẹ, tí òun àti ìyá àgbà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́rẹ́ àpò lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa lẹ̀ ẹ́. Ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń rí ihò ju ojú ọ̀dọ́ lọ. Bó bá ki ọwọ́ bọ inú àpò, á ní, “Eku mẹ́ta ló jẹ eléyìí. Ọ̀kan nínú wọn ò léyín.”

Ìyá àgbà yìí náà ló fi òfin òwú lélẹ̀. Lọ́dún kejì òwò náà, oníbàárà kan ti dá àpò méjì padà pé wọ́n ń rùn. Ìyá Alásè wo àpò, ó wo gbogbo èyí tó kù nílẹ̀, kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òórùn ti wá. Ìyá àgbà ní ìyẹn kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, òwú pupa ni wọ́n fi ń rán etí àpò alábúrẹ́dì, òwú búlúù fún ti olóúnjẹ adìẹ, òwú dúdú fún ti ilé-ìwé. Bí àpò kankan bá dá wàhálà sílẹ̀, òwú etí rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí ibi tó ti wá. Ìyá Alásè gbà, àmọ́ nínú ara rẹ̀ ó kà á sí eré àgbà. Òwú mẹ́ta fún iṣẹ́ tí òwú kan lè ṣe!

Ọdún tí à ń sọ yìí, ìdí pàtàkì wà tó fi ń lépa owó. Òrùlé yàrá ìyá àgbà ń jò. Kì í ṣe jíjò kékeré tí abọ́ kan lè gbà. Bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bó bá pọ̀ sí i, wọ́n á tì í sẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá wá di ọ̀wàrà, inú yàrá kejì ni ìyá àgbà yóò parí oorun sí, lórí àga. Ìyá Alásè ti fi owó àpò tó kọ́kọ́ tà lọ́dún náà ra páànù mẹ́rìnlá, ó gbé wọn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Owó káfíńtà, ìṣó àti igi ló kù. Bí ọjà bá lọ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ ìkórè yìí, ó ti parí.

Ó wá ku ọjọ́ mélòó kan kí ọkọ̀ àwọn alágbàtà dé, àpò ti tán pátápátá lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń béèrè. Ọjọ́ yẹn ni awakọ̀ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ó-Yá, nítorí kì í sọ gbólóhùn méjì kí ó má sọ “ó yá” láàárín wọn, já ìdì àpò kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ogójì ni. Wọ́n funfun, wọ́n le, bí ẹni pé àná ni wọ́n hun wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé wọ́n kúrú díẹ̀, ẹnìkan ti gé ẹnu wọn.

“Eku jẹ ẹnu wọn,” ni Ó-Yá wí. “Mo bá wọn gé e kó lè gún. Ó yá, Ìyá Alásè, iye tẹ́ ẹ bá ní, ẹ mú un wá. Ọ̀nà mi jìn.”

Owó tó gbà kò ju ìdajì iye tí ojú mọ̀. Inú Ìyá Alásè dùn ṣìnkìn. Òjò ti ń rọ̀ láti àná, kò sí oòrùn tí yóò sá àpò sí, kò sì sí àkókò tí yóò fi yí ogójì àpò sóde kó máa lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n, wọ́n mọ́. Ó ní kí ni òun ń lù lára ohun tó mọ́?

Ìyá àgbà fọwọ́ pa èyí tó wà lókè. “O ò yí wọn?”

“Tuntun ni wọ́n, Ìyá. Àkókò ò sí.”

“Hẹn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n o.” Ó tún fọwọ́ pa á. “Òwú wo lo fẹ́ fi rán ẹnu wọn?”

“Pupa ló wà nílé, mà.”

“Pupa kẹ̀? Ṣé alábúrẹ́dì ló kó o wá ni? Lọ ra òwú mìíràn.”

Ìyá Alásè fẹ́ bínú. Nínú òjò, torí òwú! Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun máa rán òun létí ọ̀rọ̀ náà títí di ọdún tó ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé yóò rán òun létí. Ó da nǹkan borí, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òwú aláwọ̀ ewé nìkan ló bá níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣẹ́ etí ogójì àpò náà lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti ta márùndínlógójì. Àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onírùngbọ̀n kó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n alágbẹ̀dẹ kó mẹ́wàá. Márùn-ún tó kù, ó ká wọn sórí ilẹ̀ yàrá ìyá àgbà, nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti tutù.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé ni ilé-ìwé yóò wọlé. Òwúrọ̀ ọjọ́ ẹtì náà ni òjò tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti bẹ́ẹ̀dì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n gbàgbé àwọn àpò tó wà nílẹ̀. Nígbà tí Ìyá Alásè padà wọlé láti wá gbé abọ́ síbi tó ń jò, ó rí i tí omi kán sórí àpò tó wà lókè, tó ń wọ inú rẹ̀ lọ, tó sì ń jáde nísàlẹ̀. Omi tó ń jáde kò funfun. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí a fọ aṣọ pupa tuntun sí, ó ti ṣàn dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ó dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ì bá ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ó yí inú àpò sóde. Ní ojú ibi tí wọ́n rán nísàlẹ̀, eruku pupa ti ṣù síbẹ̀, hóró àgbàdo mẹ́ta sì há sí àárín rẹ̀, pupa bí ẹni tó kun ètè.

Kò sí ẹni tó ń gbé láàárín àgbẹ̀ tí kò mọ irú àgbàdo yẹn. Àgbàdo ìgbìn ni. Wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò pa á lára kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní pupa kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì sè é. Àpò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń da oúnjẹ sí, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ìkìlọ̀ yìí máa ń wà lórí ìwé tí wọ́n ń rán mọ́ ẹnu àpò. Ẹnu àpò tí Ó-Yá gé kúrò.

“Ìyá,” ni ó wí. “Mo ti pa èèyàn.”

Ìyá àgbà kò ké. Ó ní kó gbé àgbàdo náà sún mọ́ ojú òun, kó má fi lé òun lọ́wọ́. Ó wò ó títí. “Kò tíì sẹ́ni tó kú,” ló wí. “Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ. Mélòó ló jáde nílé?”

“Márùndínlógójì.”

“Òwú wo?”

“Aláwọ̀ ewé.”

“Aláwọ̀ ewé nìkan?”

“Òun nìkan, mà.”

“O ò wá ní márùndínlógójì àpò láàárín igba àpò. Márùndínlógójì tó ń pe ara wọn lórúkọ lo ní. Dìde, kí o máa lọ.”

Ìyá Alásè kọ́kọ́ pe Ó-Yá lórí fóònù. Fóònù náà ò wọlé, kò sì wọlé mọ́ láti ọjọ́ náà títí di òní. Ó da nǹkan borí, ó bọ́ sínú òjò.

Ẹ̀gbọ́n alágbẹ̀dẹ kò ì tíì lo ìkankan. Ó dá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà, ó gba owó rẹ̀, ó sì ṣépè fún ọkọ̀, fún awakọ̀ àti fún táyà. Ìyẹn rọrùn. Ọ̀dọ̀ Bàbá Onírùngbọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tó débẹ̀, ọkọ̀ alágbàtà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, òjò ti dá. Àpò tó ti kún, tí wọ́n sì ti rán ẹnu wọn, tò sí abẹ́ ìbòrí, olówùú pupa, olówùú búlúù, olówùú ewé, gbogbo wọn papọ̀. Alágbàtà fúnra rẹ̀ jókòó sórí ìtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Bàbá Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí i.

“Ìyá Alásè! Ẹ tún kó àpò wá ni? Orí yín pé.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé.”

Ó sọ fún un bó ṣe rí, kò bù kún un, kò yọ kúrò, títí kan pé òun kò yí àpò sóde. Ó fi àgbàdo pupa hàn án nínú ọ̀rá. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ni irùngbọ̀n bàbá náà ń gbọ̀n.

“Mélòó?”

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ kó, Bàbá.”

“Méjìlá ló ti kún níwájú ilé yìí. Ẹ mọ iye oṣù tí mo fi gbin méjìlá?” Ó wo ẹ̀yìn bóyá alágbàtà ń gbọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ẹ gbọ́. Àná ni mo dà á sínú wọn. Àgbàdo ò tíì pẹ́ níbẹ̀. N ó tú u sínú àpò mìíràn, n ó fẹ́ ẹ, ó parí. Ìlú ló ń lọ. Ta ló máa mọ̀?”

Ojú ti Ìyá Alásè láti dá a lóhùn, nítorí ìrònú yẹn ti wá sí òun náà lọ́kàn lójú ọ̀nà. Ó ti rò ó dé ibi tó ti rí páànù lórí ilé, ká má purọ́.

“Èmi ti mọ̀,” ló wí. “Ẹ̀yin náà sì ti mọ̀ báyìí.”

“Ẹ̀yin lẹ mú kí n mọ̀!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ bínú sí mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kà wọ́n ná. Àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Méjìlá ti kún. Mélòó ló ṣófo?”

Bàbá náà ka àwọn òfìfo tó wà lórí okùn. “Méjìlá.”

“Ó ku ọ̀kan.”

“Kò ku kankan, àwọn…” Ó fọwọ́ di irùngbọ̀n mú.

Ó yẹ kí ẹni tó ń kàwé yìí mọ̀ pé ilé-ìwé yẹn kì í gba owó nìkan. Bí ọmọ àgbẹ̀ bá fẹ́ wọlé, bàbá rẹ̀ lè kó àpò àgbàdo kan wá sí ilé ìdáná dípò owó oúnjẹ. Ìyá Alásè mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ló ń sè é.

“Mo ti gbé e lọ láàárọ̀ yìí,” ni bàbá náà wí. “Ìpín ọmọ mi. Olówùú ewé ni mo mú, torí ó mọ́ ju ìyókù lọ.”

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nípa ìlú àti ta ló máa mọ̀. Bàbá Onírùngbọ̀n ti dé orí alùpùpù rẹ̀ kí Ìyá Alásè tó rí bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. “Ẹ gòkè, ẹ gòkè!” ló ń pariwo. Ìyá Alásè, tí kò gun alùpùpù rí láyé rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, gùn ún lọ́jọ́ náà, ó sì di bàbá náà mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ọmọ ìkókó.

Ilẹ̀kùn yàrá ìkóúnjẹsí ilé-ìwé ṣí sílẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ igbákejì Ìyá Alásè ní ilé ìdáná ti wá ṣe ìmúrasílẹ̀ ọjọ́ Ajé. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé àtẹ lé ẹsẹ̀, ó ń ṣa òkúta nínú àgbàdo, ó sì ń kọrin. Àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tú, òwú aláwọ̀ ewé wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìkòkò ńlá, èyí tí Ìyá Alásè ti fi ń se oúnjẹ fún ọdún mọ́kànlá, ti wà lórí ààrò, ó ti mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n,” ni igbákejì rẹ̀ wí. “Àgbàdo ọdún yìí dára o. Mo ní kí n rẹ ẹ́ lọ́la.”

Ìyá Alásè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sunkún, ẹkún ẹni tó ti rí ihò tí ì bá jìn sí. Bí òrùlé kò bá jò! Bó bá jẹ́ òwú pupa ni! Ọwọ́ òun náà ni ì bá fi bu oúnjẹ yẹn sínú abọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó máa bá wọn wí pé kí wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Bàbá Onírùngbọ̀n ló pe òṣìṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní gbogbo àgbàdo tó ti wọ inú àpò wọ̀nyẹn kì í ṣe oúnjẹ mọ́, kì í ṣe fún èèyàn, kì í ṣe fún adìẹ, fífọ̀ àti fífẹ́ kò ràn án. Kí wọ́n wa kòtò jíjìn, kó jìnnà sí kànga àti odò, kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n má dáná sun àpò, nítorí èéfín rẹ̀ náà ní oògùn nínú. Kí wọ́n gé gbogbo wọn sí wẹ́wẹ́, kí ẹlòmíràn má baà mú wọn lò, kí wọ́n kó wọn wá sí ọ́fíìsì òun. Ó béèrè orúkọ ẹni tó tà wọ́n. Wọ́n sọ pé Ó-Yá. Ó ní ṣé orúkọ nìyẹn. Wọ́n ní òun nìkan làwọn mọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé Bàbá Onírùngbọ̀n, alágbàtà ti gbọ́. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ̀gùn, ó ń fi ìka wo etí àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. “Àwọn olówùú pupa ńkọ́?” ló béèrè.

“Ọ̀dọ̀ alábúrẹ́dì ni wọ́n ti wá. Èmi fúnra mi ni mo yí wọn, tí mo lù wọ́n, tí mo sá wọn,” ni Ìyá Alásè wí. “Búlúù, ti olóúnjẹ adìẹ. Dúdú, ti ilé-ìwé. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tú èyíkéyìí.”

Ó tú mẹ́rin. Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ wọn, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n máa kó ìyókù sọ́kọ̀. Méjìlá olówùú ewé ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Pẹ̀lú èyí tó ti ilé-ìwé padà, ó di mẹ́tàlá.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá yẹn ló kù láàárín àwọn méjèèjì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá Onírùngbọ̀n kò béèrè owó, àmọ́ kò ní kí ó máa lọ náà. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta erùpẹ̀ sínú kòtò tí wọ́n da àgbàdo náà sí.

“Bàbá,” ni Ìyá Alásè wí, “mo ní páànù mẹ́rìnlá nílé, wọn ò ì tíì kàn wọ́n. Àká yín ò ní òrùlé gidi. Ẹ kó wọn.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn. Òfìfo méjìlá tó kù, n ó dá owó wọn padà fún yín.”

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nípa bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà. “Mo ní ọmọ nínú ilé-ìwé yẹn,” ni bàbá náà wí, bí ẹni tó ń bínú sí nǹkan tí kò sí níbẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí owó òfìfo wà lọ́wọ́ yín.” Ó kó páànù lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá Alásè kò bá a jiyàn, kò sì dá a lẹ́bi: ọmọ mélòó kan ló ń jẹun lórí oko yẹn náà.

Kí alágbàtà tó lọ, ó ti sọ fún un pé lọ́dún tó ń bọ̀, olówùú pupa ọgọ́rùn-ún ni òun fẹ́, kó má sì tìtorí pé òun fẹ́ pupa lọ fi òwú pupa rán àpò tí kì í ṣe ti alábúrẹ́dì. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ sí ìyẹn. Kò dùn púpọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ jìn, òjò sì wà lókè.

Ọjọ́ Ajé ni ilé-ìwé wọlé. Ìyá Alásè se oúnjẹ, àgbàdo láti inú àpò olówùú dúdú tó ti yí sóde lẹ́ẹ̀mejì kó tó da nǹkan sí i. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò títí ọmọ tó gbẹ̀yìn fi kúrò. Nígbà tó ń padà lọ sílé, òjò bá a lọ́nà. Nígbà tó délé, ó bá ìyá àgbà tó ti di ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì mú, tó ń dúró dè é kó wá di èkejì mú.

Wọ́n tì í síwájú díẹ̀. Omi tẹ̀ lé wọn.

“Àwọn ọmọ jẹun?” ni ìyá àgbà béèrè.

“Wọ́n jẹun, mà.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn, Ìyá. Àwọn kan tún bù sí i.”

Ìyá àgbà fọwọ́ wá abọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e síbi tó ti ń kán. Ó tẹ́tí sí i títí ó fi dá a lójú pé inú abọ́ ni omi ń kán sí.

“Ó dáa,” ló wí, ó sì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. “Tún tì mí sọ́tùn-ún díẹ̀.”